Páìpù Ńlá Kọ́ Ló Ń Gbé Ìdọ̀tí Lọ

Bí páìpù omi ìgbọ̀nsẹ̀ tó gba abẹ́ òpópónà ẹ̀sítéètì kan kọjá bá ń dí lemọ́lemọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń sọ níbi ìpàdé ni pé páìpù náà ló kéré. Wọ́n á dáwó, wọ́n á hú u jáde, wọ́n á ri èyí tó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí omi ìdọ̀tí á tún máa gba abẹ́ ìdérí kòtò àyẹ̀wò yọ sójú títì. Owó ńlá ni àwọn ènìyàn ń ná sórí àṣìṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tó lè yọ wọ́n nínú rẹ̀ kò le.

Irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń ti omi inú rẹ̀. Dídà tí a dà á gẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń mú omi ṣàn láti ilé dé kòtò àyẹ̀wò, láti kòtò kan dé èkejì, títí dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí. Omi náà kì í sì í dá rìn. Ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, bébà wà nínú rẹ̀, ọ̀rá ọbẹ̀ àti iyanrìn náà wà níbẹ̀. Bí omi bá sáré tó, gbogbo wọn á bá a lọ. Bí kò bá sáré tó, iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ jókòó sísàlẹ̀, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ iyanrìn, bébà á kọ́ mọ́ ọ̀rá, dídí sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn òjò á ti rí i: ibi tí gọ́tà ti tẹ́jú ni iyanrìn ń kó jọ sí, ibi tó ti dà gẹ̀rẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní.

Nítorí náà, eré tí omi gbọ́dọ̀ sá kó tó lè máa fọ inú páìpù fúnra rẹ̀ ni ẹnjiníà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà fi í sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn kò tilẹ̀ tó ìrìn àgbàlagbà tí kò kánjú, síbẹ̀ ó tó láti máa gbé iyanrìn lọ. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí òórùn odò Tẹ́mùsì lé àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù kúrò ní àyè wọn ní 1858, Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí ìlú náà lé lọ́wọ́. Ó pinnu pé omi gbọ́dọ̀ máa sáré máìlì kan àbọ̀ ní wákàtí kan nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá kún dé ìdajì. Ní ìwọ̀n tòní, sẹ̀ǹtímítà 67 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Nítorí pé ọ̀nà omi rẹ̀ tóbi tí omi inú rẹ̀ sì pọ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2 nínú máìlì kan tó o. Síbẹ̀ náà, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé ọ̀nà omi ń jinlẹ̀ jù, ó sì ní láti kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, ọ̀kan ní Crossness ní 1865, òmíràn ní Abbey Mills ní 1868.

Kí ló dé tó fi sọ pé "dé ìdajì"? Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlànà ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń lò jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Robert Manning pè, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1889:

V = (1/n) × R^(2/3) × S^(1/2)

V ni eré omi. S ni ìdagẹ̀rẹ̀ páìpù. n ni bí ara páìpù ṣe hára tó nínú, 0.013 ni wọ́n sì sábà máa ń lò. R ló ṣòroó mọ̀: a ó mú fífẹ̀ ojú omi tí a máa rí bí a bá gé páìpù náà lábù, a ó sì fi gígùn ara páìpù tí omi kàn pín in. Ara páìpù ló ń fa omi sẹ́yìn, nítorí náà bí omi bá pọ̀ tí ibi tó kàn sì kéré, á sáré. Bí páìpù róbótó bá kún, omi gba gbogbo inú rẹ̀, ó sì kan gbogbo àyíká rẹ̀. Bó bá kún dé ìdajì, omi dín sí ìdajì, ibi tó kàn náà dín sí ìdajì. R kò yí padà. Eré omi nínú páìpù tó kún dé ìdajì àti èyí tó kún bámúbámú wá di ọ̀kan náà. Bí omi bá ga ju ìdajì lọ, eré rẹ̀ tún ń lé díẹ̀ sí i, títí tí á fi tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìga páìpù.

Ìsàlẹ̀ ìdajì ni wàhálà wà. Bí omi bá ga dé ìdá kan nínú márùn-ún páìpù, eré rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti páìpù tó kún. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, á dín sí ìdá méjì nínú márùn-ún. Omi tín-ín-rín tó tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀ páìpù ń fi gbogbo ara họ ilẹ̀ páìpù, kò sì lè sáré.

Ẹ wá wo òpópónà kan tó ní ilé 40, ènìyàn mẹ́fà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni 240 nìyẹn. Ká sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo omi lítà 120 lóòjọ́, tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ń padà sínú páìpù. Bí a bá pín in ká wákàtí 24, kò pé ìdá mẹ́ta lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní òwúrọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀, ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: lítà kan ó lé díẹ̀.

Fún páìpù tó fẹ̀ ní mìlímítà 200, ìwé ìlànà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà jọ ń lò sọ pé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 40 nínú mítà 100. Bí páìpù náà bá kún, omi á sáré sẹ̀ǹtímítà 66, ó sì lè gbé nǹkan bíi lítà 21 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin náà dà bí èyí tó ti pé. Àmọ́ òpópónà wa kò ní lítà 21, ó ní lítà kan. Nígbà tí omi òwúrọ̀ bá tilẹ̀ pọ̀ jù, gíga rẹ̀ nínú páìpù kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, eré rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Ìdajì ohun tí a ń wá ló lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé mẹ́wàá péré ni wọ́n ti kó wọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí ìpàdé onílé máa ń pinnu, ká yọ ọ, ká fi ti mìlímítà 300 rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìlànà kan náà gba ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 22 nínú mítà 100 fún èyí, torí náà alágbàṣe á yọ̀ pé gbígbẹ́ ilẹ̀ dín kù. Lítà kan yẹn á wá tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, eré rẹ̀ á sì já sí sẹ̀ǹtímítà 27. Bí a bá tilẹ̀ fi ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀ bó ṣe wà, sẹ̀ǹtímítà 33 ni, kò tó ti páìpù kékeré tí a hú jáde. Owó ti lọ, ìdọ̀tí á sì máa jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá da páìpù mìlímítà 200 yẹn ní mítà kan nínú mítà 100, eré omi á di sẹ̀ǹtímítà 48. Bó bá di mítà 2 nínú mítà 100, á di 61, ọwọ́ wa ti tẹ ohun tí a ń wá. Páìpù tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀, ti mìlímítà 150, ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ péré: ní mítà kan nínú mítà 100, sẹ̀ǹtímítà 50 ló máa fún wa dípò 48.

Àmọ́ ìdagẹ̀rẹ̀ ní owó tirẹ̀. Bí òpópónà náà bá gùn ní mítà 300 lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, sẹ̀ǹtímítà 40 nínú mítà 100 á mú páìpù wọlẹ̀ ní mítà kan ó lé díẹ̀ láti orí dé òpin. Mítà 2 nínú mítà 100 á mú un wọlẹ̀ ní mítà 6. Ní apá Lẹ́kí, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti súnmọ́ òkè, ẹni tó bá gbẹ́ mítà 6 á fi pákó gbé ògiri kòtò ró, á sì máa fi ẹ̀rọ fa omi jáde tọ̀sán-tòru. Ohun tí ẹnjiníà tó gbọ́n ń ṣe ni pé á da orí òpópónà, níbi tí ilé díẹ̀ ti ń wọlé, gẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, tí omi sì ń ga nínú páìpù, á máa dín ìdagẹ̀rẹ̀ náà kù.

Àwọn ará Brazil gba ọ̀nà mìíràn wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní 1986 kò wo eré omi nìkan, agbára tí omi fi ń wọ́ ilẹ̀ páìpù ló wò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣírò pẹ̀lú omi tó dín sí lítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí bí ẹnì kan ṣoṣo bá fa omi sí ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń rán ìgbì tó tó bẹ́ẹ̀ sínú páìpù. Ìgbì yẹn á ti ìgbẹ́ síwájú, á dúró, ìgbì mìíràn á tún tì í. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó jáde nínú ìṣirò wọn fún lítà kan àbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 nínú mítà 100. Irú ìṣirò yìí ló jẹ́ kí wọ́n lè ri páìpù tín-ín-rín tí kò jinlẹ̀ mọ́ àgbàlá àwọn ènìyàn ní Salvador, ní Bahia. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í lọ jìnnà kó tó tẹ́, ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi rẹ̀ kéré sì ń rán ìgbì tí kò lágbára.

Gbogbo èyí á di asán bí ẹni tó ń to páìpù bá fojú wò ó. Nínú páìpù tó gùn ní mítà 6, sẹ̀ǹtímítà 40 nínú mítà 100 kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.4 lọ. Òkúta kan lábẹ́ páìpù tó láti jẹ́ kó tẹ́jú, tàbí kó dà sẹ́yìn. Kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ padà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọn ilẹ̀ ka orí àti ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti inú kòtò àyẹ̀wò kan, kí ẹlòmíràn fi dígí wò ó láti inú èkejì. Bó bá rí róbótó ìmọ́lẹ̀ náà tán, páìpù náà tọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi sí i, kí ẹ wò bóyá omi kan dúró sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Páìpù tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ń sọ ìwà rẹ̀. Ẹ ṣí kòtò àyẹ̀wò ní ìdájí, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lo omi. Bí omi bá dúró síbẹ̀, tàbí tí iyanrìn ti tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ kò tó tàbí wọ́n tò ó wọ́. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ìdọ̀tí ti ń pẹ́ jù nínú rẹ̀. Gáàsì yẹn ń di ásíìdì lórí àjà páìpù kọnkéré, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe bá iná orí ṣẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú kòtò náà, kí ẹ má sì wọ̀ ọ́ rárá, nítorí gáàsì kan náà ń pa ènìyàn.

Nígbà tí ẹnjiníà bá mú àwòrán páìpù wá sí ìpàdé yín, ẹ má bi í bí páìpù náà ṣe tóbi tó. Ẹ bi í bí omi yóò ṣe ga tó nínú rẹ̀ àti bó ṣe máa sáré tó ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ìdajì ilé ṣì ṣófo. Bí kò bá ní ìdáhùn tó fi iye sí, ẹ má tíì sanwó.