Nígbà Tí Ìpolówó Ẹni Bá Ń Du Oníbàárà Kan Náà

Ọ̀pọ̀ olùtajà tó ń sanwó ìpolówó lórí Facebook àti Instagram ló gbà pé bí òun bá pín owó òun sí ọ̀nà púpọ̀, oníbàárà yóò pọ̀ sí i. Wọ́n á ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin Èkó, wọ́n á ya òmíràn sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn oge, wọ́n á sì tún dá ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún àwọn tó ń múra ìgbéyàwó. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìsọ̀rí kan ń ná owó rẹ̀ tán lójoojúmọ́, èkejì ò ná tó ìdajì tirẹ̀, ẹ̀kẹta ń mú oníbàárà wá lónìí, kò sì rí ẹyọ kan lọ́la. Olùtajà á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwòrán, á máa dín owó kù, á máa fi kún un. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan náà ni gbogbo ìsọ̀rí yẹn ń lé kiri.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí àwọn ìpolówó wọ̀nyí ṣe ń dé ojú fóònù. Nígbàkígbà tí àyè ìpolówó bá ṣí sílẹ̀ níwájú ẹnì kan, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, á ṣe gbàǹjo lórí àyè náà kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Owó gọbọi nìkan kọ́ ló ń borí níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń rò pọ̀: iye tí olùpolówó fẹ́ san, bó ti ṣeé ṣe tó pé ẹni náà yóò ṣe ohun tí olùpolówó ń wá, àti bí ìpolówó náà ti dára tó fún ẹni tó máa rí i. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá ga jù ló gba àyè náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin ẹni ọdún 32 kan tó ń gbé ní Súrùlérè, tó ń tẹ̀lé àwọn aránṣọ lórí Instagram, tó sì ń wá aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Obìnrin Èkó ni, ó fẹ́ràn oge, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè é. Bó ṣe ṣí fóònù rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ fún gbàǹjo kan náà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé àwọn ìsọ̀rí náà yóò máa fi owó lé ara wọn, tí olówó wọn yóò sì fúnra rẹ̀ sọ ọjà di ọ̀wọ́n mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Meta kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìsọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta ti olùpolówó kan ṣoṣo bá pàdé, ẹyọ kan tó lágbára jù nínú wọn ni ẹ̀rọ máa ń jẹ́ kó wọlé, á sì dá àwọn tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí gan-an ni àdánù náà. Àwọn ni owó wọn kì í tán. Àwọn náà ni kì í rí ẹ̀kọ́ kọ́, èyí ló sì burú jù. Ìsọ̀rí tuntun kọ̀ọ̀kan ní àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rọ fi ń wádìí irú ẹni tó ń rajà, ìgbà tó ń rà á àti ibi tó ti ń rí ìpolówó náà. Ìlànà Meta ni pé ìsọ̀rí nílò nǹkan bí àbájáde 50 láàárín ọjọ́ 7 kó tó lè kúrò nínú àsìkò yìí. Àbájáde lè jẹ́ ọjà tí a tà, ó sì lè jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Títí ìsọ̀rí yóò fi dé ibẹ̀, iye tí oníbàárà kan ń náni á máa lọ sókè sódò.

Ká fi olùtajà àdìrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní ó dá ìsọ̀rí mẹ́rin sílẹ̀ ní Èkó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná ₦3,000 lójúmọ́, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ oníbàárà sì ń ná an ní ₦600. Àtẹ̀jíṣẹ́ 5 ni ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò rí lójúmọ́, ìyẹn 35 lọ́sẹ̀. Kò sí èyí tó dé 50, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦84,000 ló ń jáde lápò rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Bó bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan, tó sì fi ₦12,000 síbẹ̀ lójúmọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ 140 ni ìsọ̀rí kan ṣoṣo náà yóò rí lọ́sẹ̀. Kódà bí owó orí àtẹ̀jíṣẹ́ bá di ìlọ́po méjì, 70 ni yóò rí, yóò sì tún kọjá 50 náà. Iye owó tó ń ná kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé gbogbo ẹ̀kọ́ tí owó náà rà wà lójú kan.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé èyí ló ń ṣe òun? Àmì àkọ́kọ́ wà ní abẹ́ Delivery nínú Ads Manager: bí ìsọ̀rí bíi mélòó kan bá ń fi `Learning limited` hàn, ẹ̀rọ ń sọ pé àbájáde wọn kéré jù láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ojú-ewé Audiences, kí ó mú àwùjọ tí kò ju márùn-ún lọ, kí ó sì tẹ `Show audience overlap`. Iye ìdá tí àwùjọ kan fi wọnú òmíràn á hàn.

Ìdá náà gba ìfarabalẹ̀, nítorí ó lójú méjì. Bí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó bá jẹ́ 200,000, tí àwọn tó fẹ́ràn oge jẹ́ 1,000,000, tí 150,000 sì wà nínú méjèèjì, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onígbèéyàwó ló ti wà lọ́dọ̀ àwọn ológe. Bí a bá wò ó láti ìhà kejì, ìdá 15 péré ni. Ìsọ̀rí ìgbéyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹni tirẹ̀ mọ́. Òun ló yẹ kí a dà pọ̀ mọ́ ìkejì. Àmọ́ ìdá gíga nìkan kò tó láti dá ẹjọ́: bí àwùjọ bá tóbi tí owó sì kéré, àwọn ìsọ̀rí náà lè má fi bẹ́ẹ̀ pàdé. Ìgbà tí owó kò bá tán tàbí tí ìkẹ́kọ̀ọ́ kò bá parí ni ọ̀rọ̀ tó di iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò ní wàhálà. Kí olùtajà mú ìsọ̀rí tó ti mú àbájáde wá jù lọ, kí ó fẹ àwùjọ rẹ̀ kó lè gba àwọn yòókù mọ́ra, kí ó kó owó àti àwọn ìpolówó wọn tó dára jù wá síbẹ̀, kí ó sì pa àwọn ìsọ̀rí yòókù. Pípààrọ̀ àwùjọ tàbí fífi ìpolówó tuntun kún un máa ń dá ìkẹ́kọ̀ọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ó ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ìsọ̀rí ló yẹ kó di ọ̀kan. Ẹni tó ń tà fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ ya tiwọn sọ́tọ̀, nítorí iye owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ kì í ṣe bákan náà, àwùjọ méjèèjì kò sì ní pàdé. Àwọn tó ti rajà rí náà lè ní ìsọ̀rí tiwọn, bí a bá ti yọ orúkọ wọn kúrò nínú èyí tó ń wá oníbàárà tuntun.

Ẹni tí ìsọ̀rí rẹ̀ bá ti pọ̀ lójú kan, kí ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ó da àwọn tó bá yẹ pọ̀, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìfọwọ́ kàn wọ́n, kí ó tó dájọ́ pé ìpolówó kò ṣiṣẹ́.