Fọ́tò Tó Ṣeé Gbọ́, Fídíò Tó Ṣeé Kà

Etí ni afọ́jú fi ń lo fóònù. Lórí Android, TalkBack ló máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún un. Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ kò nira fún wọn láti kà, ṣùgbọ́n tó bá kan fọ́tò, àlàyé tí ẹni tó gbé e síta kọ mọ́ ọn ni wọ́n máa ń kà. Bí kò bá kọ ọ́, afọ́jú lè gbọ́ "àwòrán" lásán.

Àwòrán ìkéde ló burú jù. Ẹgbẹ́ kan lè kọ ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé sínú àwòrán, kí wọ́n wá tẹ "Ẹ má pẹ́ o" sábẹ́ rẹ̀. Afọ́jú á gbọ́ pé kí òun má pẹ́, kò sì ní mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tún tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Facebook, Instagram àti X ló ní àyè tí wọ́n ń pè ní alt text fún àlàyé fọ́tò. Ti X gba 1,000 lẹ́tà, àmọ́ gbólóhùn kan tàbí méjì sábà máa ń tó. Ohun tó mú kí wọ́n gbé fọ́tò náà síta ló yẹ kó pinnu ohun tí wọ́n máa kọ. Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò ìyàwó kan. Bí ẹbí rẹ̀ ló gbé e síta, wọ́n lè kọ ọ́ báyìí: "Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń súre fún un." Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ta aṣọ ni, ó máa sọ pé: "Ìyàwó wọ aṣọ òkè aláwọ̀ àlùkò tó ní ìlà fàdákà, pẹ̀lú gèlè aṣọ kan náà." Fọ́tò kan náà ni, àlàyé méjèèjì sì tọ̀nà. "Ìyàwó arẹwà" nìkan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí kò sọ ohun tí ojú rí.

Ti adití yàtọ̀: ó ń rí àwòrán, ohùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú fídíò ọbẹ̀ kan, ọmọ tí kò sí lójú àwòrán lè pariwo, kí ìyá tó ń se ọbẹ̀ sáré dín iná kù. Adití rí i tó sáré, kò mọ ìdí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò sọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ:

```
4
00:00:21,000 --> 00:00:24,000
Ọmọ: Màmá, iná ti pọ̀ jù!
```

Ìlà kejì yẹn ló ń sọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀rọ̀ máa hàn àti ìgbà tó máa kúrò. Ìlà méjì ló yẹ kó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, kí lẹ́tà funfun sì wà lórí dúdú, nítorí funfun lórí ẹ̀fúùfù ìkòkò kò ní hàn. Bí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà, orúkọ èèyàn àti ìwọ̀n èròjà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ló ti sábà máa ń ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ohùn fídíò, kí wọ́n sì wò ó dópin: ibi tí ìtàn bá ti dàrú ni ọ̀rọ̀ kù sí.