Kóṣẹ́ǹtì rúùlù àbí páwà onímáínọ́ọ̀sì: níbo ni àṣìṣe ti ń wọlé?

Nígbà tí àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò ọdún 2025 jáde lóṣù Kẹjọ, tí wọ́n tún fà á sẹ́yìn láti ṣàtúnṣe rẹ̀, iye àwọn tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kúrò ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 62.96. Àṣìṣe àjọ náà la pariwo lé lórí nígbà yẹn. Àṣìṣe tọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí, irú èyí tí ọmọ Fọ́dà Máàsì ń bá fà á nílé lẹ́sìnnì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì WAEC ní Yaba. Bí nǹkan kan bá wà lórí èkejì, ṣé kí ó lo kóṣẹ́ǹtì rúùlù, àbí kí ó gbé ti ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú páwà onímáínọ́ọ̀sì, kí ó wá lo pródọ́ọ̀tì rúùlù? Ìdáhùn kan náà ni méjèèjì ń bí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń da èèyàn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká mú y = (x + 1)/(x² + 3). Kóṣẹ́ǹtì rúùlù fún wa ní:

```
dy/dx = [(x² + 3) − 2x(x + 1)] / (x² + 3)²
      = (3 − 2x − x²) / (x² + 3)²
```

Òkè rẹ̀ jẹ́ (3 + x)(1 − x), nítorí náà ìlà náà yí padà níbi tí x ti jẹ́ 1 àti −3. Ní 1 ló ti ga jù, y jẹ́ 1/2. Ní −3 ló ti lọ sílẹ̀ jù, y jẹ́ −1/6.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá gbàgbé pé máínọ́ọ̀sì yẹn kan gbogbo ohun tó wà nínú bírákẹ́ẹ̀tì. Yóò kọ x² + 3 − 2x² + 2x, èyí tó di 3 + 2x − x². Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èyí náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ dáadáa: (3 − x)(1 + x). Ó bọ́ sí 3 àti −1, nọ́ńbà tó mọ́ lójú, kò sì sí ohun tí yóò mú un fura. Èkejì ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì, kí ó fi èyí tó yẹ kó ṣáájú sẹ́yìn. Yóò ṣì rí 1 àti −3, ṣùgbọ́n àmì ti yí padà, ibi tó ga jù yóò wá di ibi tó lọ sílẹ̀ jù.

Ìṣòro àmì yìí ti pẹ́. Nígbà tí Leibniz, ará Jámánì, tẹ òfin yìí jáde lọ́dún 1684, pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ àti ti ìyọkúrò lórí ara wọn ló fi kọ ọ́, kí ẹni tó ń lò ó wo bí ìlà rẹ̀ ṣe ń lọ kó tó mọ èyí tí yóò mú.

Ní ọ̀nà kejì, y di (x + 1)(x² + 3)⁻¹:

```
dy/dx = (x² + 3)⁻¹ − 2x(x + 1)(x² + 3)⁻²
      = (x² + 3)⁻² [(x² + 3) − 2x(x + 1)]
```

Ìròpọ̀ ni pródọ́ọ̀tì rúùlù, nítorí náà èyíkéyìí ló lè ṣáájú. Àṣìṣe ìṣáájú ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Máínọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ láti ara páwà ló ti wá, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ẹlòmíràn á yọ 1 kúrò nínú −1, á kọ 0 dípò −2. Ẹlòmíràn á gbàgbé 2x tó ti inú bírákẹ́ẹ̀tì jáde. Nígbà tó bá sì kan kíkó o jọ, (x² + 3)⁻¹ ló máa ń yọ síta, nígbà tó jẹ́ pé ⁻² ni páwà tó kéré jù. Ẹ sì kíyè sí i pé bírákẹ́ẹ̀tì (x + 1) tó ń fa wàhálà lọ́nà àkọ́kọ́ ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú máínọ́ọ̀sì níwájú.

Lójú tèmi, bí ìsàlẹ̀ bá ti ní páwà tẹ́lẹ̀, bíi (x² + 3)³, tàbí tí òkè bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, páwà onímáínọ́ọ̀sì ló dára jù. Kóṣẹ́ǹtì rúùlù yóò gbé páwà 6 sí ìsàlẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ tún gé padà sí 4, ibi gígé yẹn sì ni ọ̀pọ̀ máàkì ti ń sọnù. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ kò bá ní páwà, tí ìbéèrè sì fẹ́ ibi tí dy/dx ti jẹ́ 0, mo fara mọ́ kóṣẹ́ǹtì rúùlù, nítorí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ìlà kan, òkè nìkan ló kù láti yanjú. Ọmọ tó ń ṣi ìṣáájú kọ nígbà gbogbo ni mo máa ní kó lo ọ̀nà kejì níbẹ̀ náà.

Ọ̀nà yòówù kí ó lò, ó lè fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó má fi x = 0 dán an wò, nítorí ìdáhùn tòótọ́ àti èyí tí bírákẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ ni yóò fún un ní 1/3. Kí ó lo x = 1. Láti 1 dé 1.1, y kúrò ní 0.5 ó di 0.4988, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, ó bá 0 mu. Ìdáhùn tí bírákẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ á ní 1/4.