Ìṣẹ́jú Mélòó Ni Bátìrì UPS Lè Gbé Yàrá Sáfà Ró?

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn, yàrá kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n máa ń tì pa. Kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní méjì sí lọ. Inú rẹ̀ ni sáfà mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, pẹ̀lú súwíìṣì tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. UPS jókòó sísàlẹ̀ wọn. Òun ló ń fi bátìrì gbé iná ró láti ìgbà tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó yàrá náà fi ìwé kan hàn mí. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣírò rẹ̀,” ló wí. Bátìrì mẹ́fà ló wà nínú UPS náà, wọ́n kọ 12V 9Ah sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ 12 di ọ̀nà mẹ́fà, ó rí fóòtì 72. Ó sọ 72 di ọ̀nà mẹ́sàn-án, ó rí 648. Iná tí àwọn ẹ̀rọ inú yàrá ń jẹ ní ìparí oṣù, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, jẹ́ wáàtì 1,200. Ojú UPS fúnra rẹ̀ ló ti kà á. Ó pín 648 sí 1,200, ó sì rí ìṣẹ́jú 32.

Ní ọjọ́ Sátidé, a pa àwọn sáfà náà bó ṣe yẹ, a yọ wọ́n kúrò lára UPS, a sì so pákó kan tí mo to gílóòbù àtijọ́ 12 sí mọ́ ọn. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń jẹ 100 wáàtì, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1,200 géérégé. A já iná ìjọba, mo tẹ aago. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 13, gbogbo gílóòbù kú lẹ́ẹ̀kan náà.

“Wọ́n ti ta ayédèrú fún wa,” ọmọ náà wí. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé ojúlówó ni bátìrì náà, kò sì sí àléébù kankan lára wọn. Ohun tí a kọ sára wọn ni kò yé wa dáadáa.

Àmì 9Ah kì í ṣe ìlérí pé ohun tó wà nínú bátìrì yóò jáde bákan náà bó ti wù kí a máa fà á tó. Àwọn tó ń ṣe bátìrì bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ní ìfàsókè tó rọra gan-an, èyí tó gba ogún wákàtí gbáko. Bí a bá ń fa 0.45 áńpíà péré, yóò fún wa fún wákàtí 20, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 9. Ṣùgbọ́n yàrá tiwa ń fa bíi áńpíà 18 àbọ̀. Ìlọ́po ogójì nìyẹn.

Ẹni tó bá ti fa omi nínú kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá ń fa garawa kan lẹ́yìn òmíràn pẹ̀lú sùúrù, ìsun yóò máa dá omi padà, ìwọ yóò sì fà á tọ́sàn. Bí gbogbo àdúgbò bá rọ́ dé tí wọ́n ń fà á kíkankíkan, kò ní pẹ́ tí garawa yóò fi máa ha iyanrìn, bẹ́ẹ̀ omi ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ásíìdì inú bátìrì náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo òjé ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí a bá fà á kíákíá, èyí tó jìnnà kò ráyè wọnú ihò wẹ́wẹ́ àwọn àwo náà kí fóòtì tó já wálẹ̀. Nígbà tí fóòtì bá já dé ibi tí UPS kò gbọ́dọ̀ kọjá, yóò pa ara rẹ̀. Bí o bá fi bátìrì náà sílẹ̀ fún wákàtí kan, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ yóò padà, gẹ́gẹ́ bí kànga tó sinmi. Wilhelm Peukert, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló fi ìṣirò sọ èyí ní ọdún 1897.

Iye tó yẹ kí a wò ni ti wáàtì tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè fún wa láàárín ìṣẹ́jú tí a ń fẹ́. Bátìrì 12 fóòtì ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà nínú. Àwọn bátìrì kan tí wọ́n ṣe fún UPS tilẹ̀ ń gbé iye náà sínú orúkọ wọn. Lára tiwa, ẹ ó rí HR1234W: 12 ni fóòtì rẹ̀, 34W sì túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì kan lè fún wa ní wáàtì 34 fún ìṣẹ́jú 15 kí fóòtì rẹ̀ tó já sí 1.67, bí yàrá bá wà ní 25°C. Bátìrì kan yóò wá fúnni ní wáàtì 204 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ohun tó jáde kò tó ìdajì 108 tí 12 lọ́nà mẹ́sàn-án ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. UPS fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú iná nígbà tó bá ń yí ti bátìrì padà sí irú èyí tí sáfà ń lò. Mo fi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òṣùwọ̀n ohun tó ń kọjá, mo sì pín ìyókù sórí sẹ́ẹ̀lì 36:

```
1200 W ÷ 0.90 = 1333 W
1333 W ÷ 36   = 37 W
```

Wáàtì 37 ju 34 lọ díẹ̀, nítorí náà iná kò lè pé ìṣẹ́jú 15. Ohun tí àwọn gílóòbù ti sọ fún wa nìyẹn.

Ìbéèrè tó kù ni pé ìṣẹ́jú mélòó gan-an la nílò. A lọ bá Baba ọlọ́dẹ, tí jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láti orí àga wọn dé ilé jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n wo dísù, kí wọ́n tan án, kí ó gbóná díẹ̀, kí wọ́n sì yí iná sí i, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni lọ́sàn-án. “Bí òjò bá ń rọ̀ lóru ńkọ́, Baba?” Wọ́n ní kí n kọ méje. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá kọ̀ tí kò tàn, àwọn sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà kí wọ́n tó lè sùn ní ètò-ètò láìba àkọsílẹ̀ jẹ́. Méje àti mẹ́fà di mẹ́tàlá. Ohun tí a ní gan-an nìyẹn, láìsí àlékún kankan, nígbà tí bátìrì ṣì jẹ́ tuntun!

Bátìrì kì í sì í wà ní tuntun títí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà pé ó ti parí iṣẹ́ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti dín kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, ó ń wó kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣẹ́jú 15 ní ọjọ́ ìkẹyìn bátìrì gbọ́dọ̀ rà á lọ́nà tí yóò fi ṣẹ́kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tún fi ìdá ogún kún iná tí wọ́n ń jẹ, nítorí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sáfà kẹrin:

```
1200 W × 1.2  = 1440 W
1440 W ÷ 0.90 = 1600 W
1600 W ÷ 0.80 = 2000 W
2000 W ÷ 34   = 58.8
```

Sẹ́ẹ̀lì 59, ìyẹn bátìrì mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n a kò lè ra mẹ́wàá. Mẹ́fà ní í tò tẹ̀lé ara wọn kí fóòtì tó pé 72 tí UPS náà ń fẹ́, nítorí náà mẹ́fà-mẹ́fà la ń fi kún un. Méjìlá la ó rà.

UPS fúnra rẹ̀ kò nílò ìyípadà. 3 kVA ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe wáàtì 3,000 ló lè gbé. Ìwé rẹ̀ fi 0.8 ṣe òṣùwọ̀n, nítorí náà 2,400 ni, àyè sì wà fún 1,440. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì í níhìn-ín: wọ́n á ka kVA, wọ́n á rò pé kílówáàtì ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà béèrè ìdí tí a kò fi lọ ra bátìrì ńlá 200Ah bíi ti inverter, kí yàrá lè gbé wákàtí mẹ́ta láìsí jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí lórí UPS. Nígbà tí iná bá lọ, òun náà kú. Wáàtì 1,200 tí àwọn sáfà ń jẹ ń di ooru nínú yàrá tí a tì pa, bí ìgbà tí a fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí iná níbẹ̀. Kó tó pé wákàtí kan, àwọn sáfà yóò ti máa pa ara wọn nítorí ooru. Ooru yìí ni ọ̀tá bátìrì náà: bí ó bá ń gbé nínú yàrá tó fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dín kù sí bí ìdajì.

Ṣájà pẹ̀lú ní ààlà. Èyí tó wà nínú UPS wa ń dá áńpíà kan péré padà. Ìṣẹ́jú 13 tí a fi gílóòbù fà jáde ti kó bí áńpíà-wákàtí mẹ́rin lọ, yóò sì gba wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó kún padà, nítorí ṣájà máa ń rọra tó bá ń kù díẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìgbà kẹta lè bá bátìrì tí kò tíì jẹun yó. Bátìrì 200Ah lórí ṣájà áńpíà kan kò ní kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, àpótí bátìrì tó ní ṣájà tirẹ̀ nínú la rà fún mẹ́fà tuntun náà, a sì pààrọ̀ mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀ kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọjọ́ orí kan náà.

Ẹ má fi mítà fóòtì nìkan dá bátìrì lẹ́jọ́. Èyí tó ti kú lè fi 13 hàn yín nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Orí ẹrù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já wálẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń fa gbogbo wọn sẹ́yìn, nítorí ọ̀nà kan náà ni iná ń gbà kọjá nínú wọn.

A tún gbé pákó gílóòbù dé lẹ́yìn tí méjèèjìlá ti kún. Sẹ́ẹ̀lì 72 ti pín ẹrù, kò ju wáàtì 18 àbọ̀ lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 33 ló gbé. Ọmọ náà kọ ọ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí: ọjọ́, 1,200 W, ìṣẹ́jú 33. Mo sọ fún un pé kí ó máa dán an wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà pẹ̀lú pákó kan náà, kí ó sì kọ ìlà kan sí i nísàlẹ̀: bí ó bá já sí 25, kí ẹ ra tuntun.