Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ọ̀rọ̀ Ojú Fídíò, àti Ibi Tí Àmì Wa Ti Ń Sọnù

Ẹni tó bá ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ àwọn ọ̀rọ̀ funfun tó máa ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán bí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fídíò náà mọ síláìdì tí olùkọ́ máa ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ ni méjèèjì lójú wa, ṣùgbọ́n àwọ̀ lásán ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà: píkísẹ́lì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkísẹ́lì dúdú. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè tẹ ọ̀rọ̀ kan síbi ìwákiri, kí fídíò tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sójú gbangba má sì jáde.

Iṣẹ́ sọ́fítíwià akalẹ́tà ni láti sọ àwòrán lẹ́tà di lẹ́tà gidi tí a lè dà kọ, tí a lè wá, tí a sì lè túmọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ni Tesseract. Iléeṣẹ́ Hewlett-Packard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2005, Google sì ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà títí di 2018. Láti ẹ̀dà kẹrin tó jáde ní 2018, kì í dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Odindi ìlà ló ń wò pa pọ̀. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà dáadáa ni irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kà jù. Fídíò ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì ní àǹfààní kan tí ìwé kò ní.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà, ó yẹ kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tẹ `ffmpeg -i fiimu.mp4`, sọ́fítíwià náà á to ohun tó wà nínú fáìlì lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìlà kan bá ní `Subtitle` nínú, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi akalẹ́tà ṣe mọ́. Ti àwo dífídì kì í rí bẹ́ẹ̀: àwòrán ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tirẹ̀, bó tilẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí kò bá sì sí ìlà bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n ti lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwòrán, kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní fídíò ìlera kan ń lọ, ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, gbólóhùn yìí jáde nísàlẹ̀: «Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun». Ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Fídíò tó ń sáré ní àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á ti fi gbólóhùn kan náà hàn nígbà 75. Àǹfààní tí mo sọ nìyẹn. Ìwé kì í fún èèyàn ju ojú kan lọ láti wò ó, ṣùgbọ́n fídíò fún wa ní ẹlẹ́rìí 75 lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

A kò nílò gbogbo wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, ìyẹn àwòrán 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. A ó gé ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan, kí sọ́fítíwià má baà máa gbìyànjú láti ka igi, ògiri àti ankárá bí ẹni pé lẹ́tà ni wọ́n:

```
ffmpeg -ss 00:14:03 -t 3 -i fiimu.mp4 -vf "crop=iw:ih/4:0:ih*3/4,fps=5" isale_%03d.png
```

Ọgbọ́n tó tẹ̀ lé e ti pẹ́. Ní 1998, Toshio Sato, Takeo Kanade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà lò ó láti ka ọ̀rọ̀ ojú ìròyìn tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kíyè sí i pé lẹ́tà funfun dúró sójú kan nígbà tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rìn. Nítorí náà, bí a bá to àwòrán 15 náà léra, tí a mú èyí tó dúdú jù lọ fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà á ṣì funfun, torí funfun ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní tiẹ̀ á ṣókùnkùn níbikíbi tí ohun dúdú bá ti kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Àṣẹ kan ṣoṣo ń ṣe èyí, ó sì tún ń sọ lẹ́tà di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ń yí i padà sí dúdú lórí funfun, bí Tesseract ṣe ń fẹ́ ẹ:

```
magick isale_*.png -evaluate-sequence min -colorspace Gray -resize 300% -negate apapo.png
tesseract apapo.png esi -l yor --psm 6
```

Nọ́ńbà 6 yẹn ń sọ fún un pé odindi ìdì ọ̀rọ̀ kan ló wà níwájú rẹ̀, kó má máa wá òpó ìwé ìròyìn kiri. Bí òṣèré bá ń rìn lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ibi tó ti ń kùnà ni ìgbà tí ẹnì kan bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú léèsì funfun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ funfun. Kò sí ohun dúdú tó kọjá níbẹ̀, nítorí náà léèsì náà á kù síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, èsì á sì kún fún àmì tí kò nítumọ̀.

Síláìdì yàtọ̀ sí èyí. Ohun gbogbo ló dúró lójú síláìdì: lẹ́tà, ẹ̀yìn rẹ̀, àti àṣìṣe pẹ̀lú. Kí fídíò má baà wúwo jù, kì í tún gbogbo àwòrán yà lákọ̀tun. Apá tí kò bá yí padà, ṣe ló ń dà á kọ láti inú èyí tó ṣáájú. Bí lẹ́tà kan bá fọ́ lójú àwòrán àkọ́kọ́, ó lè fọ́ bákan náà nínú ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìí pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Kíka ìbò láàárín wọn kò lè tún nǹkan kan ṣe.

Ohun tó yẹ níbí ni láti yan àwòrán kan tó dára jù. Ní kété tí síláìdì bá yí padà, lẹ́tà sábà máa ń rí bàìbàì, nítorí fídíò kò ráyè kó gbogbo ìyípadà ńlá náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán tó kẹ́yìn kí síláìdì mìíràn tó dé ló sábà máa ń mọ́ jù. Òun náà ló pé jù bí olùkọ́ bá ń ṣí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fídíò wákàtí kan ní àwòrán 90,000. Bí a bá mú ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á ku 3,600. Bí a bá sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé èyí tó tẹ̀ lé e, tí a tọ́jú kìkì èyí tó ṣáájú ìyípadà, ìwọ̀nba síláìdì tí olùkọ́ lò ló máa kù. Bí ojú olùkọ́ bá wà nínú fèrèsé kékeré ní igun kan, ẹ bò ó kí ẹ tó ṣe ìfiwéra náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá mirí ni kọ̀ǹpútà á máa rò pé síláìdì tuntun ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan Yorùbá ni ohun kékeré tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí lẹ́tà ńlá bá ga ní nǹkan bí píkísẹ́lì 30, ó tó akalẹ́tà kà. Nínú fídíò tó mọ́ níwọ̀nba, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lè má ga ju 13 lọ, àmì abẹ́ lẹ́tà náà á sì jẹ́ píkísẹ́lì kan tàbí méjì. Irú èyí ni fídíò ń kọ́kọ́ gbé sọ nù nígbà tó bá ń wá bí yóò ṣe fúyẹ́. Àwọ̀ tún dá kún un. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ bákan náà á dàrú, nígbà tí funfun lórí dúdú á ṣì hàn. Sísọ àwòrán di ńlá kò sì lè dá àmì tó ti lọ padà. Ẹ̀dà fídíò tó mọ́ jù lọ ni kí ẹ wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpẹẹrẹ wa bí àmì abẹ́ bá sọ nù ní ibi mẹ́ta: «Fo owó rẹ kí o tó jẹun». Ọwọ́ ti di owó. Nínú lẹ́tà 16 tó wà nínú gbólóhùn náà, 3 ló yí padà, ìyẹn nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò bá kọ́kọ́ ṣí gbogbo àmì kúrò kó tó ṣe ìfiwéra, òdo ni àṣìṣe tó máa rí, yóò sì ròyìn pé iṣẹ́ náà pé pérépéré.

Tesseract lè sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dá a lójú tó, láti 0 dé 100, bí ẹ bá fi `tsv` kún ìparí àṣẹ. Nọ́ńbà kékeré wúlò; ó ń fi ibi tí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ti bo lẹ́tà hàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńlá kò tó láti gbára lé lórí ọ̀rọ̀ àmì. «Owó» jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere, kò sì sí ohun tó máa kó iyèméjì bá sọ́fítíwià. Ojú èèyàn ló lè rí i pé kò bá gbólóhùn mu. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ mú àádọ́ta ìlà láti ibi tó yàtọ̀ síra nínú fídíò, kí ẹ fi ọwọ́ kọ wọ́n bí wọ́n ṣe wà lójú àwòrán, àmì wọn pẹ̀lú, kí ẹ tó fi wọ́n wé ohun tí kọ̀ǹpútà kà.

Nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú èsì, ẹ má ṣe yà á kúrò lára àkókò rẹ̀. Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ní ètò tó rọrùn fún èyí:

```
12
00:14:03,000 --> 00:14:06,000
Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun
```

Bí ó bá jẹ́ pé ìwákiri ni ẹ fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún, ẹ jẹ́ kí ìwákiri gbójú fo àmì, kí ẹni tó bá wá «ọwọ́» lè rí ibi tí akalẹ́tà ti kọ «owó». Àṣìṣe díẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́ láti dé ìṣẹ́jú tó ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, tàbí ẹ fẹ́ kà á fún aláìsàn, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ lo àkókò tó wà lórí ìlà náà, ẹ padà sí àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì wo abẹ́ gbogbo lẹ́tà tó lè gba àmì.