Ẹ̀rí Ìwòsàn: Èyí Tó Yẹ Kí Ìjọ Gbọ́, Èyí Tó Yẹ Kó Kù Sílé

Aránṣọ kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù 6 gbáko. Nígbà tí dókítà ní ó ti bọ́, ó kọ ẹ̀rí tó fẹ́ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sórí ìwé, ó ní kí n bá òun wò ó.

Ohun tó kọ rèé: “Ọkọ mi ló kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ràn mí. Wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn mi náà máa lo oògùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún kòkòrò éèdì, kò sí níbẹ̀. Ọlọ́run ti wò mí sàn.”

Mo bi í pé, “Ṣé ọkọ yín mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ òun?” Ó dákẹ́. Àìsàn ọkọ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ yẹn kò tíì lè sọ bóyá òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì máa bá àwọn ọmọ ìjọ kan náà lọ sílé ìwé. Ti éèdì ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Gbogbo ẹni tó bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n máa ń ní kó ṣe àyẹ̀wò yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ̀. Bó bá ní òun kò ní in, ẹlòmíràn tó bá jẹ́ ẹ̀rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ́la tí kò dárúkọ éèdì, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Ó tún un kọ: “Mo rò pé ikọ́ lásán ni, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ 3 kí n tó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi lóògùn nílé ìwòsàn ìjọba. Oṣù 6 ni mo fi lò ó, n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo ti gbádùn.”

Ó tún fẹ́ ya fọ́tò káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ sórí Fesibúùkù. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ ló wà lára káàdì náà. Mo ní kó ya ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òfin Ìlera ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn láyè láti tú àṣírí aláìsàn síta láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lè kó ohun tí a fẹnu ara wa sọ padà. Ẹyin lohùn.

A tún fi èsì kan sẹ́nu rẹ̀ de àwọn tó máa bi í léèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí mo lè sọ dé nìyẹn.” Ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbàlagbà kan fà á sẹ́yìn. Kò bi í ẹni tó kó o ràn án. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló béèrè, nítorí ọmọ òun ti ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá.