Bí Kọnkéré Ṣe Ń Di Irin Mú: Gígùn Ìdákọ̀ró àti Gígùn Ìsopọ̀ Ọ̀pá Irin nínú Bíìmù Bàkónì

Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń mọ gígùn irin tó yẹ kó wọnú kọnkéré, kí ó má baà yọ nígbà tí ẹrù bá ń fà á. Bíìmù tó yọ síta lábẹ́ bàkónì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó wọ́pọ̀ lójú pópó ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní bíìmù tó jókòó sórí ògiri méjì, ìsàlẹ̀ ni ìfà máa ń wà láàárín rẹ̀. Ti bàkónì yàtọ̀: bí ẹrù bá ti tẹ orí rẹ̀ tó wà níta, òkè bíìmù náà ni yóò máa nà, pàápàá ní ojú ògiri. Irin òkè yìí nìkan ló ń bá kọnkéré gba ìfà náà, nítorí kọnkéré kò lágbára fún ìfà. Bí irin náà bá yọ, kò sí ohun mìíràn tí yóò di bàkónì náà mú.

Ohun tí ń di irin mú

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rò pé ẹnu irin, tàbí ibi tí wọ́n tẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ni gbogbo agbára wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ara irin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin apá tó wà nínú kọnkéré, ló ń fara mọ́ kọnkéré tó yí i ká. Ẹni tó bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu rí yóò mọ ohun tí à ń sọ. Lẹ́yìn òjò, ẹ̀gẹ́ a máa fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gan, gbòǹgbò a já kí ó tó yọ. Ohun tí ayàwòrán ilé ń wá nìyẹn: kí agbára irin fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ tán, kí ìdìmú kọnkéré tó tú.

Duff Abrams, tó ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1913. Ó ń fa irin kúrò nínú kọnkéré, ó sì ń wọn bí irin náà ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún irin tó ń dán, lílẹ̀mọ́ àti ìhára ló ń ṣiṣẹ́. Fún irin tó ní èékánná lára, irú tí à ń rà lónìí, èékánná náà ló ń fi èjìká ti kọnkéré. Nítorí náà irin èékánná kì í sábà yọ jẹ́jẹ́. Ó máa ń la kọnkéré tó bò ó ni. Ìlà tó sán tẹ̀ lé ojú irin gígùn ni àmì rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀

Òye tó wà nídìí ìṣirò náà kò le: agbára tí ń fa irin gbọ́dọ̀ bá agbára ìdìmú tó wà lára rẹ̀ dọ́gba. Bí φ bá jẹ́ ìbú irin, fs agbára ìfà lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, fbu agbára ìdìmú, tí L sì jẹ́ gígùn, ohun tó jáde ni:

L = fs × φ / (4 × fbu)

Ìwé ìlànà BS 8110, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa tì ní 2010 ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Nàìjíríà ṣì mọ̀ dunjú, fi fbu sí 0.5√fcu fún irin èékánná tí ìfà wà lára rẹ̀. fcu ni agbára kọnkéré nígbà tó bá pé ọjọ́ 28.

Ká ní irin òkè bíìmù bàkónì wa jẹ́ 16 mm, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 410 N/mm², tí kọnkéré rẹ̀ sì jẹ́ 25 N/mm². Ìlànà náà gbà pé kí a lo 0.87 nínú agbára irin, èyí tí í ṣe 356.7. Gbòǹgbò 25 jẹ́ 5, nítorí náà fbu jẹ́ 2.5. Bí a bá fi 356.7 lọ́nà 16 pín sí 10, yóò fún wa ní 571 mm. Láti ojú ògiri wọnú ilé, irin náà kò gbọdọ̀ kéré sí èyí. Nínú àwòrán gidi ó sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìfà kì í tán lójú ògiri; díẹ̀díẹ̀ ló ń dínkù bó ṣe ń wọnú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo oníṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ kan péré wọ̀n ọ́n, èyí tí í ṣe 305 mm. Bí a bá yí ìṣirò náà padà, irin náà kò lè gbà ju 191 N/mm² lọ, ìyẹn bí ìdajì ohun tó yẹ. Síbẹ̀ bàkónì náà lè má wó lọ́jọ́ tí wọ́n tú pákó rẹ̀. Ìlànà ti fi àlékún ààbò 1.4 pamọ́ sínú fbu, nítorí náà ìdìmú gidi lè tó 267. Irin tí wọ́n fi ẹrù ojoojúmọ́ lé dáadáa lè máa ru bí 246. Àlàfo tó kù kéré. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ilé tó ṣì dúró ṣe ẹ̀rí pé ẹsẹ̀ kan tó, ẹ̀rí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àlàfo yẹn lè pòórá bí kọnkéré kò bá dára. Bí omi bá pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, tí agbára rẹ̀ fi jẹ́ 15 dípò 25, fbu yóò di 1.94, gígùn tó yẹ yóò sì di 735 mm. Irin tó wọlé ní ẹsẹ̀ kan kò ní lè gbà ju 148 lọ. Kódà bí a bá yọ àlékún ààbò kúrò, kò ju 207 lọ, ó sì kéré sí ẹrù ojoojúmọ́. Gígùn kì í ṣe nọ́ńbà tí à ń há sórí, àpò sìmẹ́ǹtì àti garawa omi ló ń yí i padà.

Bí irin bá so pọ̀ mọ́ irin

Níbi tí irin kò bá gùn tó, a ó gbé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ọfalápù. Wáyà tí wọ́n fi so wọ́n kò gbé ẹrù kankan. Ó kàn ń mú wọn dúró ni. Irin kìíní ń fi ìfà lé kọnkéré lọ́wọ́, kọnkéré sì ń fi lé irin kejì. Nítorí náà gígùn ìsopọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí gígùn ìdákọ̀ró.

Ipò irin tún ń fi kún un. Nígbà tí kọnkéré bá ṣì tutù, òkúta inú rẹ̀ ń rì, omi sì ń gòkè, omi náà á sì sá pamọ́ sábẹ́ irin òkè. Bó bá gbẹ, àlàfo ni yóò fi sílẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá wà lókè, tí kọnkéré tó bò ó kò sì tó ìlọ́po méjì ìbú irin, BS 8110 ní kí a fi 1.4 sọ gígùn di púpọ̀. Bó bá tún wà ní igun bíìmù, 2.0 ni. Irin 16 mm wa wà lókè, ó wà ní igun, ìbòrí rẹ̀ sì jẹ́ 25 mm, tí kò tó 32. Ìsopọ̀ rẹ̀ yóò wá jẹ́ 1,142 mm, ó ju mítà kan lọ. Ayàwòrán tó bá rí nọ́ńbà yìí yóò sábà pinnu pé kò sí ìsopọ̀ rárá lójú ògiri. Yóò ní kí wọ́n fi irin kan ṣoṣo la ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí a lè yẹ̀ wò kí wọ́n tó da kọnkéré

Téèpù ni irin-iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí a wọ̀n láti ojú ògiri dé ẹnu irin nínú ilé, kí a sì wọ̀n gbogbo ìsopọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wo ara irin. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣí bí èèpo, tàbí ẹrẹ̀, gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń kùn sí pákó léwu jù wọ́n lọ, nítorí bó bá ta sí irin, kì í hàn mọ́ lẹ́yìn tí eruku bá bò ó. Kí wọ́n kùn pákó kí irin tó dé ibẹ̀. Kí a wo bísíkíìtì àti ríńgì náà: irin òkè tí àwọn oníṣẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ ti kúrò níbi tí ìfà wà, gígùn rẹ̀ ì báà tó bó ṣe yẹ.

Bí ilé bá ti wà, òkè bàkónì ni kí a wò, lẹ́bàá ògiri. Ìlà tó sán ní ìbú bíìmù fi hàn pé irin ń nà tàbí pé ó ń yẹ̀. Bí ìlà mìíràn bá tún tẹ̀ lé irin lọ sínú ilé, ìdìmú ti ń tú. Kí àwọn tó ń lo bàkónì náà kúrò lórí rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi igi tì í títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi dé.